Orí Àbúrò Gülfidan

Ọdún kọkànlá nìyí tí Gülfidan ti ń bá wọn gbin irun sórí àwọn ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì ni. Ìlú Tokat ni ìyá rẹ̀, Nazmiye, ti kó òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí Istanbul lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Àjà kẹrin ilé kan ní Kâğıthane ni wọ́n ń gbé. Orúnkún Nazmiye kò gba àtẹ̀gùn mọ́, nítorí náà ó máa ń fi okùn sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé kí wọ́n bá a fi búrẹ́dì sínú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí Gülfidan ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Şişli. Bí àwọn oníbàárà bá ti ń wọlé láàárọ̀, ará Ítálì, Lárúbáwá, ará Jámánì, ojú kan péré ló máa fi wo ọkùnrin kan látẹ̀yìn, yóò sì ti mọ̀ bóyá irun rẹ̀ á ṣeé gbìn.

"Ẹ má wo iwájú," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun. "Ìpàkọ́ ni kí ẹ wò. Ibẹ̀ la ti ń yọ ọ́. Tí ìpàkọ́ ò bá ní, kí lẹ fẹ́ gbìn síwájú?"

Iwájú orí ọkùnrin lè pá bí àtẹ́lẹwọ́, kí àtàrí rẹ̀ sì máa dán, síbẹ̀ irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀gbẹ́ etí kì í sábà bá wọn lọ. Irun tó le bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ lẹ́yọ lẹ́yọ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, tí wọ́n ń gbìn síbi tó ti ṣófo. Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ti pá dé ibi tó máa pá dé, tí ìpàkọ́ rẹ̀ sì kún, ó dára fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó máa já sí, Dókítà Müzeyyen tó ni ilé ìwòsàn náà kì í fọwọ́ kàn án. Tií ló máa fi ṣe é lálejò, á wá ní kó máa lọ sílé.

Gülfidan mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ fi dùn ún tó bó ṣe dùn ún.

Tuncer ni orúkọ àbúrò náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Onígbàjámọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Hamdi nísàlẹ̀ àdúgbò ló ti ń gé irun. Láti ọdún méjì ni irun tirẹ̀ ti ń fọ́nká. Kò pá síbì kan, gbogbo rẹ̀ ló kàn ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, títí iná ṣọ́ọ̀bù fi ń gba àárín rẹ̀ tàn sí awọ orí. Àwọn oníbàárà ò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè dun ènìyàn.

"Tuncer, má gé tèmi kù bíi tìẹ o!"

"Ọ̀gá Hamdi, ṣé ẹ̀ ń sanwó fún ọmọ yìí ni, àbí irun orí rẹ̀ lẹ̀ ń gbà?"

Á rẹ́rìn-ín, á máa gé irun lọ. Tó bá délé, á ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, á dúró síwájú dígí títí ìyá rẹ̀ á fi kan ilẹ̀kùn.

Èyí tó wá fọ́ ọ pátápátá ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ Dilruba, ọmọbìnrin tó ń fẹ́, fún un. Wọ́n gbé kọfí wá, wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ ń dùn. Àfi bí àǹtí Dilruba kan ṣe la ojú mọ́ Tuncer, tó yíjú sí Nazmiye, tó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Bàbá ọkọ ìyàwó la rí yìí. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dilruba nìkan ni kò rín. Ó wo Tuncer, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Tuncer ò rí i, ife kọfí ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní gbé orí yìí wọ ibi ìgbéyàwó mi. Ẹ ti gbọ́ báyìí."

Gülfidan mú un lọ bá Dókítà Müzeyyen. Dókítà gbé e jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé awò kékeré kan lé ìpàkọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tí awò náà ń rí sì hàn gàgàrà lójú kọ̀ǹpútà.

"Tuncer, bojú wò ó. Ṣé o rí àwọn tó nípọn yìí? Irun gidi nìyẹn. Wo ìwọ̀nyí tó dà bí irun ọmọ ìkókó. Wọ́n ti ń kú lọ. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta ló ti rí báyìí. Ìpàkọ́ rẹ sì nìyí o, ibi tó yẹ kó le jù. Orí bàbá yín ńkọ́?"

"Ó pá kó tó pé ọgbọ̀n ọdún," ni Gülfidan dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ etí pàápàá ò kù."

"Ẹ ṣeun. Tuncer, gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá yọ irun ìpàkọ́ yìí, tí mo gbìn ín síwájú, irun tó ti ń kú lọ ni mo gbìn yẹn. Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì ni pé orí rẹ ò ṣófo, ó kàn fọ́nká ni. Láàárín irun tó ṣì wà ni mo máa ti dá ihò. Àwọn tó wà níbẹ̀ á gba ìpayà ọ̀hún, wọ́n á sì jábọ́. Ìjábọ́ ìpayà là ń pè é. Irun tó bá lágbára á padà hù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èyí tó bá ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lọ nìyẹn. Ó lè wá já sí pé kí orí rẹ pá ju bó o ṣe wọlé lọ."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Oògùn ni. Hóró kan lójúmọ́, àti olómi tó o máa fi pa orí. Lo méjèèjì fún ọdún kan, kí o padà wá, kí n tún fi awò wò ọ́."

"Ọdún kan kẹ̀? Oṣù kẹsàn-án ni ìgbéyàwó mi, Dókítà."

"Nígbà náà, irun tí Ọlọ́run fún ọ lo máa fi gbéyàwó," ni Dókítà wí. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ó kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé. Tuncer kò mú ìwé náà nígbà tó dìde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti rí ibi kan. Àwòrán orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà lórí fóònù, kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi dá a lóhùn pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún irun ni àwọn máa gbìn fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó ṣáà ti mú ọjọ́.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún?" Gülfidan di àgbọ̀n àbúrò rẹ̀ mú, ó yí orí rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. "Tuncer, wọ́n á gbẹ́ ìpàkọ́ rẹ bí oko tí eṣú jẹ. Má lọ síbẹ̀."

"Ẹ wá gbìn ín fún mi fúnra yín."

"O gbọ́ ohun tí Dókítà wí."

"Mo gbọ́. Mo máa lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè ṣe é mọ́. Tí mo bá ń fá irùngbọ̀n ènìyàn, orí tèmi ló ń wò nínú dígí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin lẹ jẹ́, irun yín dé èjìká."

Ìyá wọn bá dá sí i. Ó ní, "Gülfidan, ó kúkú máa lọ náà ni. Ẹni tó máa bà á jẹ́ lo fẹ́ fi í lé lọ́wọ́, nígbà tí ọwọ́ tìẹ wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un. Lọ́jọ́ Sátidé, Gülfidan máa ń lọ bá wọn ṣiṣẹ́ níbi ìgbinrun kan lódìkejì ìlú, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rıfkı. Ọ̀gá Rıfkı ò kàwé ìṣègùn rí ní tirẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ló ń mú kiri tẹ́lẹ̀. Dókítà kan ló ń bá a fọwọ́ síwèé, tí á sì máa lọ. Gülfidan ò fẹ́ràn ibẹ̀, kò sì fẹ́ kí Dókítà Müzeyyen mọ̀ pé òun ń lọ. Ó ń sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: bí mo bá mú díẹ̀ péré, bí mo bá fi ilà iwájú sókè bó ṣe yẹ àgbàlagbà, tí mo sì rọra ṣe é, kò ní burú.

Sátidé kìíní oṣù kejì ni wọ́n ṣe é níbẹ̀. Wọ́n fá gbogbo orí Tuncer kodoro. Gülfidan fún un ní abẹ́rẹ́ tó jẹ́ kí awọ orí kú, èyí tó jẹ́ pé ìrora tirẹ̀ gan-an lo máa mọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, Tuncer sì di etí ìbùsùn mú, kò pariwo. Ó dojú bolẹ̀. Gülfidan gbé awò sójú, ó mú irinṣẹ́ oníhò tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ tó mìlímítà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.

Nígbà tó yọ irun bíi igba, ó dúró.

Ohun tí Dókítà ti rí lòun náà ń rí báyìí, lójú kòrókòró. Irun méjì jáde tó nípọn, èyí tó tẹ̀ lé wọn tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Nọ́ọ̀sì kejì tó ń tò wọ́n sínú omi tútù gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n Gülfidan, ìwọ̀nyí mà kéré gan-an."

"Mo ti rí i."

"Ṣé ká máa bá a lọ?"

Tuncer dá sí i láti ibi tó dojú bolẹ̀ sí, ohùn rẹ̀ ń ti inú ìrọ̀rí jáde: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lọ dáadáa, àbí?"

Ọwọ́ Gülfidan wà lókè. Ó lè dúró níbẹ̀. Igba ihò péré ni, á jinná, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó rántí Tuncer níwájú dígí ilé ìwẹ̀. Ó ní, "Ó ń lọ dáadáa," ó sì tẹ̀ síwájú.

Ẹgbẹ̀sán ló yọ, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ lẹ́ńtílì àti búrẹ́dì lọ́sàn-án. Dókítà tó ń fọwọ́ síwèé fún Ọ̀gá Rıfkı yọjú fún ìgbà díẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó lọ. Iṣẹ́ dókítà ni dídá ihò ọ̀hún, Gülfidan ló ṣe é, láàárín irun tó kù, ó sì ń yẹra fún gbòǹgbò wọn bí ẹni ń rìn láàárín ẹyin. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, iwájú orí Tuncer kún fún àmì pupa wínníwínní, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ kẹrìnlá ò sí wàhálà. Ó fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé ẹ̀yìn sókè sùn. Lọ́jọ́ kẹta, iwájú orí rẹ̀ wú, wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ìyá wọn pariwo, Gülfidan ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, lọ́jọ́ karùn-ún ó ti lọ. Gülfidan fúnra rẹ̀ ló ń fọ orí náà, ó ń fi ọṣẹ tó ń hó pa á láìfọwọ́ ra á. Lọ́jọ́ kejìlá, gbogbo èépá ti ṣí kúrò. Irun kékeré dúdú jáde síwájú orí rẹ̀ bí ilà tí wọ́n fi bírò fà. Tuncer ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dilruba. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Wàá rí i kó jábọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà," ni Gülfidan kìlọ̀. "Gbogbo èyí tí mo gbìn ló máa jábọ́, gbòǹgbò á kù nínú. Má bẹ̀rù. Ní oṣù kẹrin ló tó máa ń hù padà. Oṣù kẹfà lo máa rí ìlàjì, ó di ọdún kan kó tó pé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mo gbọ́. Ìgbà mélòó lẹ fẹ́ sọ ọ́?"

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ bó ṣe wí. Tuncer fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó jáde nílé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aṣọ ìnura wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Irun kún inú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n gbìn. Irun ara rẹ̀ ni, èyí tó ti hù padà lẹ́yìn tí wọ́n fá a, irun àtàrí, irun iwájú. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, Gülfidan rí i pé lókè etí ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti yọ, àyè kan ti ṣófo tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

"Ìjábọ́ ìpayà ni," ni Gülfidan wí. "Á padà."

"Gbogbo ẹ̀ máa padà?"

Gülfidan bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìnura náà. Tuncer sì mọ ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn ti di ilé ọ̀fọ̀. Tuncer kò bọ́ fìlà mọ́. Ó fi wọlé sùn, ó fi jẹun. Ọ̀gá Hamdi gbà á láyè kó máa fi fìlà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó rí ara rẹ̀ nínú dígí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, nígbà tó sì yá, ó dẹ́kun lílọ. Bí Dilruba bá pè é lórí fóònù, á ní òun ní òtútù. Bó bá ní òun ń bọ̀, á ní kó má wá. Oṣù kan kọjá, kò rí i sójú. Ọmọbìnrin náà gun àjà kẹrin wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó ti Nazmiye, ó ń bá ilẹ̀kùn yàrá Tuncer sọ̀rọ̀.

"Tuncer, ṣí i. Mi ò bìkítà nípa irun. Mo ti sọ ọ́ fún ọ."

"Máa lọ sílé."

"Tí mo bá lọ, mi ò ní padà wá o. Ta ni mo fẹ́ fẹ́, ilẹ̀kùn?"

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Dilruba sunkún díẹ̀, ó yọ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sínú àwo ṣúgà, ó sì lọ. Nazmiye jókòó níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò lè fọwọ́ kan òrùka náà.

Nígbà tí Gülfidan délé, Tuncer ṣí ilẹ̀kùn.

"Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀? Ọwọ́ yín tó dáa ló ṣe èyí."

Gülfidan yí ẹ̀yìn padà. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì fi aṣọ dí ẹnu kí ìyá wọn má baà gbọ́ ẹkún.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Şişli nígbà tí Ọ̀gá Hamdi pè é. "Gülfidan, àbúrò rẹ wá síbí láàárọ̀. Ó kó abẹ rẹ̀ àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ fún mi, ó ní kí n fún ẹni tó bá nílò wọn. Ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe sọ̀rọ̀. Oníbàárà mi kan rí i ní Karaköy, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi."

Gülfidan bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó sáré. Kò rántí ẹ̀wù òtútù. Ní Karaköy, èrò ń wọ́ bí odò. Ó dúró síbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ó ń wo orí kọ̀ọ̀kan tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ kìíní, kò sí. Èkejì, kò sí. Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ketekete, obìnrin kan tó gbé ẹja lọ́wọ́ yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìkẹta dé, gbogbo èrò sọ̀ tán, ó sì rí fìlà aláwọ̀ eérú kan tí kò sọ̀, níta, lẹ́yìn ọkọ̀, létí irin.

Ó wọlé kí wọ́n tó fa àkàbà. Ó lọ jókòó tì í. Ó di ìgbànú rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó dì í mú gidi.

Tuncer ò wo ojú rẹ̀. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà mi nìyí," ó ní. "Tá a bá ti dé àárín, mo máa ń dìde. Tí mo bá dìde tán, ẹni tó ń ta tií á dé, á ní ṣé kí òun gbé kan fún mi."

Ọkọ̀ gbéra. Àwọn ẹyẹ òkun ń pariwo lókè wọn. Gülfidan fẹ́ sọ pé á padà, pé oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ náà ò jìnnà. Ọ̀rọ̀ tó jáde kì í ṣe èyí.

"Mo rí i, Tuncer. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo yọ igba. Mo rí i pé ìpàkọ́ rẹ ò lágbára. Mi ò dúró."

Ó yíjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Mo bi yín. Mo bi yín láti orí ìbùsùn, ẹ ní ó ń lọ dáadáa."

"Mo parọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró?"

"Mo rò pé ọwọ́ mi á lè borí ẹ̀. Mo tún bẹ̀rù pé tí mo bá dúró, wàá lọ síbòmíì. Mi ò ní àwáwí mìíràn."

Tuncer tẹ orí ba, ó sunkún débi pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òun, ṣùgbọ́n kò já ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ìgbànú. Ẹni tó ń ta tií dé. Gülfidan gba méjì. Wọ́n ò mu ún, ó tutù sí wọn lọ́wọ́ títí dé Kadıköy lódìkejì omi, wọ́n sì tún bá ọkọ̀ náà padà.

Láti etí omi, tààrà ló mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Müzeyyen. Ó dúró níwájú tábìlì, ó sọ gbogbo rẹ̀: Ọ̀gá Rıfkı, àwọn Sátidé, ihò tó dá láìsí dókítà, igba tó fi rí i, ẹgbẹ̀sán tó fi parí rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi. Dókítà tẹ́tí títí ó fi dákẹ́.

"Bọ́ síta, Gülfidan," ó ní. "Ẹni tó wá rí mi nìyí. Ìwọ, wá bá mi lọ́la."

Gülfidan jókòó síta pẹ̀lú àwọn tó ń retí. Ilẹ̀kùn ò tì tán, ó ń gbọ́ ohùn.

"Bọ́ fìlà. Jẹ́ kí n rí i. Ó dára. Ti òkè etí yìí, èyí tí wọ́n yọ irun àyíká rẹ̀, á padà, má dààmú lórí ìyẹn. Iwájú yìí, àwọn tí wọ́n gbìn ń sùn nínú ni, díẹ̀ nínú wọn ò ní pẹ́ lórí rẹ, mi ò ní parọ́ fún ọ. Irun tìẹ tó jábọ́, mo rò pé ohun tó ju ìlàjì á hù. Àtàrí ni mi ò lè ṣèlérí. Lónìí lo máa bẹ̀rẹ̀ oògùn tí mo kọ fún ọ nígbà yẹn. Dókítà kan wà nísàlẹ̀ ilé yìí, ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀rọ̀ ọkàn àti ìrònú ló ń tọ́jú. Mo máa mú ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra mi báyìí, mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ títí ó fi gbà ọ́ wọlé. Ṣé o máa bá mi lọ?"

Gülfidan gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀.

"Màá lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà yọ Gülfidan kúrò níbi iṣẹ́ abẹ, ó fi í síbi tí wọ́n ti ń fọ orí àwọn tó ti ṣe é. Odidi oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò tẹ ibi Ọ̀gá Rıfkı mọ́.

Oògùn náà kò ṣiṣẹ́ kíákíá. Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ náà, irun tín-ín-rín bí ìhùùhù òròmọdìyẹ yọ síwájú, àwọn kan ká kọ́rọkọ̀rọ. Òkè etí kún padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún, nínú ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Tuncer dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ọbẹ̀ wọlé, ó ń gbé e jáde. Wọ́n gbọ́ pé Dilruba ti ń bá ẹlòmíràn rìn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dìde, ó lọ rí dókítà ọkàn rẹ̀, láti ibẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Hamdi lọ. Ọ̀gá Hamdi fa dúrọ́ọ̀ kan jáde. Abẹ àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fi òróró pa wọ́n.

Nígbà tó pé ọdún kan, iwájú orí rẹ̀ ní irun tó dára díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fúyẹ́, àtàrí rẹ̀ hàn gbangba, èyí tó lọ níbẹ̀ kò padà. Dókítà Müzeyyen fi awò wò ó. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹlẹ́ẹ̀kejì láé, ìpàkọ́ ò ní ohun tó máa san. Tuncer ní òun ti mọ̀ kó tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ ṣí, Gülfidan yà síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tuncer jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rọ ìgérun ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gé iwájú àti àtàrí mọ́lẹ̀, ó mú un dọ́gba.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn. Ẹ bá mi ṣe é. Òòyà nọ́ńbà méjì ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ má ṣe yọ ọ́ o."

Ó gba ẹ̀rọ náà. Bí irun ìpàkọ́ ṣe ń já bọ́ sórí aṣọ, àwọn àmì funfun wínníwínní tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe síbẹ̀ ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ó ń gé e lọ. Omi gba ojú rẹ̀, ó fi apá nù ún.

"Ṣé ó hàn gan-an?" ni Tuncer bi í.

"Ó hàn," ni Gülfidan wí. "Kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó hàn."

Tuncer wò ó nínú dígí. "Ó dáa. Ẹ tẹ orí mi síwájú díẹ̀, ẹ ṣe ọrùn dáadáa."